Háṣítáàgì Ogún Lábẹ́ Fídíò Kan: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Tajà Lórí Fóònù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Túsìdeè ni ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ máa ń kún jù. Bí ẹ bá tètè débẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó bá àwọn tó ń tú bélì òkìrìkà, ẹ ó sì rí ọmọdébìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó gbé fóònù sókè, tó ń ya fídíò bí aṣọ ṣe ń jáde nínú bélì. Kí oòrùn tó mú, fídíò náà ti wà lórí TikTok, ó ti wà lórí Instagram, ó tún ti wà lórí YouTube. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ìyẹn. Ohun tí mo bá yín wá ni èyí tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fídíò ọ̀hún: háṣítáàgì mẹ́rìndínlógún, ogún, nígbà mìíràn ọgbọ̀n, tí ìdajì wọn kò mọ ohunkóhun nípa aṣọ, tí wọn kò sì mọ Ìsọlọ̀ rárá. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò. Wọ́n a máa ta àkójọ háṣítáàgì fún àwọn oníṣòwò lórí WhatsApp, wọ́n á ní bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò yín, gbogbo Nàìjíríà ni yóò rí i. Ẹ má fowó yín rà á.

Háṣítáàgì mẹ́ta sí márùn-ún tó fún fídíò kékeré kan. Bí ẹ bá ní méjì péré tó bá ọjà yín mu, ẹ lo méjì náà kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ kì í mú kí fídíò rìn jìnnà, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni yóò dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tó ni pápá wí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ̀n háṣítáàgì ni Instagram gbà láàyè lábẹ́ pósìtì kan. Àwọn èèyàn sì rò ó pé nígbà tí wọ́n ti gba ọgbọ̀n láàyè, ọgbọ̀n ló yẹ ká kó sí i. Ṣùgbọ́n ní 2021, Instagram fúnra rẹ̀ gba àwọn tó ń gbé nǹkan síbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n má ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ní 2025, ìmọ̀ràn di òfin. TikTok fi ìlà sí márùn-ún, nígbà tí ọdún náà sì ń parí lọ, Instagram náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà síbẹ̀. YouTube ló ṣì fi àyè sílẹ̀ jù, àyè ọ̀hún gan-an ló sì ń kó èèyàn síyọnu. Bí háṣítáàgì orí fídíò kan bá ti ju 60 lọ, YouTube kò ní ka ọ̀kan ṣoṣo sí nínú gbogbo wọn. Ó tún lè yọ fídíò náà kúrò nínú ohun tí èèyàn ń rí nígbà tó bá ń wá nǹkan. Nínú gbogbo èyí tí ẹ bá tò, mẹ́ta péré ló ń hàn lẹ́bàá àkọlé. Àní `#shorts` tí ọ̀pọ̀ ń fi sí i ní dandan kò pọn dandan. YouTube mọ fídíò kúkúrú fúnra rẹ̀ láti ara bó ṣe gùn tó àti bó ṣe dúró lójú fóònù.

Ẹnì kan lè ní bí TikTok àti Instagram bá ti fi ìlà sí márùn-ún, kí ni mo tún ń kìlọ̀ fún? Àwọn èèyàn wa kì í gbà fún ìlà bọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ márùn-ún sábẹ́ fídíò, wọ́n á wá kó ogún tó kù sínú kọ́mẹ́ǹtì, tàbí kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì `#` níwájú rẹ̀, Davido, BBNaija, Ghana, USA, kó tò gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí olórin ń kì lóde ìnáwó. Ẹlòmíì á sì fi ohun tí kò wúlò kún àyè márùn-ún tó ní: `#fyp`, `#foryou`, `#viral`, `#trending`, `#explore`. Márùn-ún ti pé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé aṣọ ọmọdé lẹ ń tà.

Mo mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Lórí Twitter ni háṣítáàgì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, nígbà tí Chris Messina dábàá pé kí wọ́n máa fi àmì `#` kó ọ̀rọ̀ tó jọra jọ síbì kan. Àmì ìkójọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Twitter bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tó ń jà rànyìn lójú gbogbo ayé, oníṣòwò Èkó sì rí i pé bí òun bá fi bàtà tòun kọ́ sára ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ń ka ìròyìn yóò fojú kan bàtà. Lórí Instagram ìgbà yẹn náà, ẹ lè tẹ háṣítáàgì kí ẹ sì rí àwòrán bí wọ́n ṣe ń dé tẹ̀lé ara wọn, èyí tó dé kẹ́yìn lókè. Ẹni tó bá wọ ojú ìwé ọgbọ̀n, ọgbọ̀n ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ayé ibẹ̀ ti yí padà. Ní ìparí 2024, Instagram mú àyè títẹ̀lé háṣítáàgì kúrò pátápátá. Adam Mosseri tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ sì ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé háṣítáàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí èèyàn púpọ̀ sí i rí pósìtì. Àwọn tó ń wo fídíò lónìí kì í lọ sí ojú ìwé háṣítáàgì. Wọ́n kàn ń fọwọ́ gbá fóònù sókè ni, ẹ̀rọ ló sì ń yan èyí tó kàn fún wọn.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń yàn? Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, TikTok ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún aráyé. Ó ń wo ohun tí èèyàn ti ṣe tẹ́lẹ̀, irú fídíò tó wò, èyí tó fẹ́ràn, èyí tó fi ránṣẹ́. Ó ń wo ohun tó wà lára fídíò náà: ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, orin inú rẹ̀, háṣítáàgì rẹ̀. Ó tún ń wo èdè àti orílẹ̀-èdè tí fóònù wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí kò wúwo tó àwọn yòókù. Ohun kan wà tí wọ́n pè ní àmì tó lágbára: pé ẹni tó ń wò ó wo fídíò tó gùn dópin. Wọ́n sì fi kún un pé iye èèyàn tó ń tẹ̀lé yín kì í ṣe ohun tí àwọn ń wò tààrà. Ẹ ṣàkíyèsí pé háṣítáàgì wà nínú àkójọ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tí fídíò jẹ́ fún ẹ̀rọ. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó bá kọ `#fyp` ni a ó gbé lọ sójú àwọn èèyàn.

Ẹ wo ìdíkọ̀ Òṣòdì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ìdíkọ̀ ńlá mẹ́ta náà ní 2019, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní àyè tirẹ̀, èyí tó ń rìn láàrin Èkó náà ní tirẹ̀. Ká wá sọ pé kọ̀ndọ́tọ̀ kan dúró sẹ́nu ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó ń pariwo Mile 2, Ìkòtún, Agége, Ìbàdàn, Benin lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò á rọ́ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn á gbọ́ pé Mile 2 ló ń lọ, á sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń lọ sí Agége á bú u, òun náà á sọ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Mile 2 gan-an tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí àwọn tó ń sọ̀, á ní nǹkan ń ṣe ọkọ̀ yìí, á sì wọ òmíràn. Ohun tí háṣítáàgì púpọ̀ ń ṣe sí fídíò nìyẹn. Ẹ̀rọ kì í gbé fídíò yín fún ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́jọ́ kìíní. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé e fún. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá dúró wò ó, á tún gbé e fún àwọn mìíràn tó jọ wọ́n. Bí wọ́n bá fọwọ́ gbá a kọjá, á fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan. Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ òkìrìkà ọmọdé ní Aswani. Fídíò rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 25: ó tú bélì, ó gbé gáùn mẹ́ta sókè, ó fi sòkòtò jíìnsì hàn, ó sọ iye owó. Ó gbé e lọ sí YouTube, ohun tó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí:

```
#fyp #foryou #viral #trending #davido #wizkid
#bbnaija #comedy #funny #love #usa #ghana
#football #fashion #nigeria #lagos
```

Mẹ́rìndínlógún. Ẹ ka á bí ẹni tí kò rí fídíò náà. Kí ni a ń tà? Níbo? Fún ta ni? Ẹ kò ní rí ìdáhùn kankan, àfi bí ẹ bá ka `#lagos` àti `#fashion` sí ìdáhùn. Ẹ̀rọ ní ọ̀nà méjì láti gbé èyí gbà. Bó bá wo àwòrán, tó gbọ́ ohùn obìnrin náà, tó rí i pé aṣọ ọmọdé ni, ó lè fi gbogbo háṣítáàgì náà sílẹ̀ bí ẹni pé wọn kò sí. Ìyẹn ló sàn jù nínú ohun tó lè ṣẹlẹ̀: òfò àyè lásán. Èkejì ni pé kó gba háṣítáàgì gbọ́. Ká sọ pé ó gbé e fún igba èèyàn tó fẹ́ràn àwàdà àti BBNaija (àpẹẹrẹ ni iye yìí o, kò sí ẹni tó mọ iye gan-an). Ẹni tó ń dúró de ẹ̀rín rí gáùn ọmọ ọdún mẹ́ta. Kí obìnrin náà tó sọ iye owó, ọgọ́jọ nínú wọn ti kọjá. Fídíò náà fúnra rẹ̀ kò burú. Iwájú ẹni tí kò wá aṣọ ni wọ́n gbé e lọ, ohun tí ẹ̀rọ sì kọ sílẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kò fẹ́ ẹ. Ìyá tó ń gbé ní Jakande Estate tó ń wá aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lè má rí i láéláé.

Ká wá gbé fídíò kan náà kalẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin:

```
#aswanimarket #okirikalagos #kidsclotheslagos #isolo
```

Èkíní sọ ọjà tí ẹ wà, èkejì sọ irú aṣọ, ẹ̀kẹta sọ ẹni tí aṣọ wà fún, ẹ̀kẹrin sọ àdúgbò. Àwọn tí yóò kọ́kọ́ rí i lè má pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ èèyàn tó ti wo òkìrìkà rí, tí wọ́n sì fẹ́ mọ iye owó, nítorí náà wọ́n á dúró títí ó fi sọ ọ́. Bí àádọ́ta bá wò ó dópin, ó sàn fún obìnrin náà ju igba tí ọgọ́jọ nínú wọn sá kúrò lọ.

Orúkọ àdúgbò wa ní ìdẹkùn tirẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó ń ta àkójọ háṣítáàgì tó sọ ọ́ fún oníbàárà rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa. Bí ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe wà lára pátákó ọ́fíìsì, `#oshodi-isolo`, háṣítáàgì á dúró síbi àmì kékeré àárín yẹn. `#oshodi` nìkan lẹ kọ, Ìsọlọ̀ ti já bọ́. Àyè òfìfo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: `#aswani market` kò ju `#aswani` lọ. Aswani sì rèé, orúkọ ìdílé ni ní ilẹ̀ Íńdíà. Bí ẹ bá lo òun nìkan, ẹ ti kó aṣọ yín lọ sáàrin àwọn ará ibẹ̀ tó ń ṣe ọjọ́ ìbí àti ìgbéyàwó. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ `market`. Ẹ̀yin tó ń tajà ní bọ́sítọ́ọ̀pù Cele lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, `#cele` tí ẹ ń kọ á gbé yín lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ funfun tó ń kọrin ní ìsìn, nítorí orúkọ ìjọ wọn nìyẹn lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ẹ kọ `#celebusstop`, tàbí kí ẹ kúkú lo `#okota`. `#oshodi` fúnra rẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ kò dá wà níbẹ̀: dáńfó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àgbèrò àti àwọn aláwàdà ló kún ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá dúró láìsí orúkọ ọjà tí ẹ ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà wà níbẹ̀. Ó wù mí kí Yorùbá wa máa gba àmì rẹ̀ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n nínú háṣítáàgì, bí oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wá ọjà lórí fóònù ń tẹ `oshodi`, kì í wá àmì orí àti ti abẹ́. Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó kù nínú àlàyé yín.

Ìdí mìíràn tí púpọ̀ fi ń ṣèpalára rọrùn láti rí lójú. Fóònù kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò hàn, ìlà kan tàbí méjì ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Bí háṣítáàgì bá gba ìlà méjì yẹn, iye owó, ibi tí ẹ wà, àti nọ́ńbà tí wọ́n á fi pè yín ti wọ abẹ́. Ẹ kọ ìyẹn ṣáájú: «Aṣọ ọmọdé, ọdún kan sí márùn-ún, Aswani, gbogbo Túsìdeè.» Lẹ́yìn náà ni kí háṣítáàgì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ gidi báyìí tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju háṣítáàgì lọ nígbà tí èèyàn bá ń tẹ ohun tó ń wá, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lo TikTok bí wọ́n ṣe ń lo Google.

Ẹ tún ṣọ́ra fún háṣítáàgì tí wọ́n ti tì pa. Instagram máa ń ti àwọn kan pa nítorí ìwà ìbàjẹ́ tí àwọn èèyàn ń gbé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò léwu rárá. Ẹni tó ra àkójọ ọgbọ̀n kò mọ èyí tó wà níbẹ̀. Kí ẹ tó lo háṣítáàgì tuntun kankan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi ìwákiri kí ẹ wo ohun tó jáde. Bí kò bá sí nǹkan kan, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fi pósìtì ibẹ̀ pamọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí nǹkan tó pọ̀ níbẹ̀ tí kò jọ ọjà yín, ẹ fi í sílẹ̀ bákan náà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n ti dá òun dúró láìsọ fún òun, kó lọ sínú ètò Instagram, kó ṣí `Account Status`. Ibẹ̀ ni yóò ti rí bí ohun tó gbé síbẹ̀ bá ṣì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tẹ̀ lé e. Kò sí ìdí láti san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun á «tú» àkáǹtì yín sílẹ̀.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá háṣítáàgì yín ń ṣe yín lóore? Iye tó wò ó nìkan kò lè sọ ọ́ fún yín, òun gan-an ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Lórí TikTok, ẹ ṣí `Analytics` fídíò náà, kí ẹ wo `Average watch time`. Bí fídíò ìṣẹ́jú àáyá 25 bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tí kò kàn lẹ ń gbé e fún, tàbí kó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò mú èèyàn. Ẹ wo `Traffic source`, ẹ ó rí iye tó wá láti ibi ìwákiri. Ẹ wo ibi tí àwọn òǹwòran wà. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, tí ìdajì wọn sì wà ní òkè òkun nítorí `#usa` tí ẹ kọ, ẹ̀yin tí kì í fi ọjà ránṣẹ́ kọjá Ìlàsámàjà, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe? (Ẹni tó ń kó àdìrẹ tàbí aṣọ òkè ránṣẹ́ sí Peckham ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Kí òun kọ London, kó sì kọ ọ́ gbangba.) YouTube náà ní ibi tó ti ń fi hàn yín iye tó dúró wò ó àti iye tó fọwọ́ gbá a kọjá, iye tó kọjá yìí ni kí ẹ máa fiyè sí.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó má gbé fídíò kan náà sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìkejì á ba ìkíní jẹ́. Kó ya fídíò tó jọra, ọjà kan náà, gígùn kan náà, wákàtí kan náà ní Túsìdeè mélòó kan tẹ̀lé ara wọn. Kó lo àṣà àtijọ́ fún àwọn kan, kó lo mẹ́rin fún àwọn tó kù, kó má sì yí nǹkan mìíràn padà. Fídíò kan tó gbiná lójijì kò fi nǹkan hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kan tó kú. Ẹ wo bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lórí wọn lápapọ̀, kí ẹ sì ka àwọn tó pè tàbí tó ránṣẹ́ béèrè iye owó.

Bí ẹ bá dín háṣítáàgì kù, tí fídíò ṣì dúró lójú kan, ẹ má tún sáré padà sídìí ogún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá méje ni ẹ fi ń kí gbogbo ilé àti ọ̀rẹ́ kí ẹ tó fi aṣọ hàn, tàbí pé ariwo ọjà ti bo ohùn yín mọ́lẹ̀, tí iye owó kò sì hàn lójú fídíò. Háṣítáàgì kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ gbé gáùn tó rẹwà jù sókè lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí i lójú, kí ẹ tó sọ pé ẹ kú ọjà. Ní ti àwọn fídíò àtijọ́ tó wà lórí Instagram àti YouTube, ẹ kò nílò láti pa wọ́n rẹ́. Wọ́n gbà yín láàyè láti ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń pè yín lé lórí, kí ẹ yọ Davido àti bọ́ọ̀lù kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ọjà àti ọjọ́ tí ẹ ń ná an síbẹ̀.